Google Drive tàbí OneDrive: èwo ni ká sanwó fún láti fi pín fáìlì?

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè yìí: bí mo bá yí ẹ̀tọ́ tó wà lórí líǹkì padà, àwọn wo ni yóò kàn?

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Níbi ìpamọ́ fáìlì orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan tí n kò lò mọ́, mo fi líǹkì ìwé owó wa ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́, kí èèyàn 38 lè máa wò ó. Nígbà tó yá, akápò ní òun fẹ́ kọ nǹkan sí i. Mo yí ẹ̀tọ́ wíwò sí àtúnkọ, mo sì fi líǹkì náà ránṣẹ́ sí i, láìrò pé òun kan náà ló ti wà lọ́wọ́ gbogbo ẹgbẹ́. Lọ́jọ́ kejì, gbèsè ₦150,000 ti di ₦15,000. N kò rí orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́, torí pé líǹkì náà kì í béèrè orúkọ lọ́wọ́ ẹni tó bá wọlé. Ìwé àkọsílẹ̀ tí a fi ọwọ́ kọ ni mo fi tún gbogbo rẹ̀ tò títí ilẹ̀ fi mọ́.

Lórí Google Drive, fáìlì kan, líǹkì kan ni. Ẹ̀tọ́ tí ẹ bá yàn lábẹ́ “Anyone with the link” ni gbogbo ẹni tó ní líǹkì náà yóò ní. Bí ẹ bá tì í, tí ẹ sì tún ṣí i lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, líǹkì àtijọ́ yóò tún ṣiṣẹ́. Ẹ fi líǹkì sí “Viewer”, kí ẹ sì fi ímeèlì akápò nìkan sí “Editor”.

Ti OneDrive yàtọ̀: líǹkì wíwò kì í ṣe líǹkì àtúnkọ. Ẹ lè lọ sí “Manage access” kí ẹ pa ọ̀kan, kí èkejì máa ṣiṣẹ́ lọ. Bí ẹ bá ń san owó Microsoft 365, tí OneDrive wà nínú rẹ̀, ẹ lè fi ọjọ́ ìparí àti ọ̀rọ̀ aṣínà sí líǹkì. Ọjọ́ 14 ni mo máa ń fún ìwé ìpàdé, mo sì máa ń fi ìpè sọ ọ̀rọ̀ aṣínà, kò sí nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tó gbé líǹkì lọ. Bí ọjọ́ bá pé, ilẹ̀kùn tì, ṣùgbọ́n ẹni tó ti gba fáìlì sórí fóònù rẹ̀ ti gbà á nìyẹn.

Google Drive kò ní ọ̀rọ̀ aṣínà fún líǹkì. Ọjọ́ ìparí rẹ̀ wà fún ẹni tí ẹ dárúkọ, lórí àwọn àkáǹtì iṣẹ́ tàbí ilé-ìwé kan.

Ní ti kí èèyàn sọ èrò rẹ̀ láìfọwọ́ kan ọ̀rọ̀, Google Drive ló borí: “Commenter” rẹ̀ rọrùn, ẹ sì lè dí àwọn tó ń wò ó lọ́wọ́ gbígbà á sílẹ̀.

Ẹni tó ń kọ̀wé pẹ̀lú ọ̀rẹ́ méjì mẹ́ta, Google Drive tó o. Ṣùgbọ́n bí àkọsílẹ̀ owó ẹlòmíì bá wà nínú fáìlì náà, ẹ sanwó fún OneDrive; ibẹ̀ ni ìwé ẹgbẹ́ wa wà báyìí.