Orúkọ Fún Gàrí Wa: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Dìsáínà Kan àti Lẹ́tà Tí Mo Kọ Sí I

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni mo gbé iṣẹ́ fún dìsáínà kan tí ó ń gbé ní Ṣàgámù, pé kí ó bá mi wá orúkọ fún gàrí tí èmi àti obìnrin mẹ́rin ń yan ní Àgọ́-Ìwòyè, kí ó sì ya orúkọ náà sí ara àpò oníkílò kan. ₦85,000 ni a jọ ṣe àdéhùn rẹ̀, ìdajì ṣáájú, ìdajì lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ṣe iṣẹ́ náà: ti àkọ́kọ́ kò wúlò rárá, èkejì sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni kan náà ni, owó kan náà ni. Lẹ́tà tí mo fi ránṣẹ́ sí i nìkan ni ó yàtọ̀, ìdí sì nìyẹn tí àgbéyẹ̀wò yìí yóò fi sọ̀rọ̀ nípa lẹ́tà náà ju bí ó ti máa sọ̀rọ̀ nípa dìsáínà lọ.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ kò ju ìlà méjì lọ. Mo ní mo fẹ́ orúkọ tí ó fani mọ́ra, tí ó bá òde òní mu, tí gbogbo ènìyàn yóò fẹ́ràn. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, orúkọ méjìlélógún dé. Mẹ́sàn-án nínú wọn ní “Ìjẹ̀bú” nínú, mẹ́rin ní “Ọba” tàbí “Adé”, àwọn yòókù sì lè jẹ́ orúkọ ọṣẹ tàbí ti omi inú ọ̀rá. Inú bí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún lẹ́tà mi kà, mo rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí kò bá ọṣẹ mu. Àléébù ti dìsáínà ni pé kò bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ó sì yẹ kí ó bi mí.

Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi kọ lẹ́tà kejì, mo sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò ra ọjà náà. Ohun tí mo kọ nìyí:

“Ẹni tí mo ń tà á fún kì í ṣe gbogbo ènìyàn. Ọmọ Ìjẹ̀bú tàbí ọmọ Rẹ́mọ tí ó ń gbé ní Èkó ni, obìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàárín ọgbọ̀n ọdún sí àádọ́ta, tí ó máa ń wá sílé ní àsìkò Ojúde Ọba tàbí ní ìparí ọdún, tí kì í sì í padà láìgbé gàrí dání. Ó mọ gàrí. Bí ó bá bu ìwọ̀nba díẹ̀ sẹ́nu, ahọ́n rẹ̀ yóò sọ fún un bóyá ọjọ́ méjì ni pákí tí a rin náà lò nínú àpò kí a tó yan án, tàbí ọjọ́ márùn-ún. Ó ń ka Yorùbá, ṣùgbọ́n Yorùbá tí kò ní àmì ohùn ni ó ń kà lórí fóònù rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀, àwọn ni ó sì máa ń rán lọ sí ṣọ́ọ̀bù.”

Gbólóhùn tí ó kẹ́yìn yẹn ni ó ṣe iṣẹ́ jù nínú gbogbo lẹ́tà náà. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni yóò dúró níwájú olùtajà tí yóò sì dárúkọ gàrí wa, a jẹ́ pé orúkọ gígùn ti bọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, orúkọ tí ohùn rẹ̀ ṣòro láti gbé jáde sì ti bá a lọ.

Lẹ́yìn èyí ni mo kọ nípa ìmọ̀lára. Apá yìí ni ó le jù, nítorí pé ọ̀rọ̀ bí “ayọ̀” tàbí “ìfẹ́” kò sọ ohunkóhun fún ẹni tí ó ń wá orúkọ. Mo rí i pé ó sàn kí n ṣàpèjúwe ìṣẹ́jú kan péré, kí n sì wá sọ ohun tí n kò fẹ́:

“Ìmọ̀lára tí mo fẹ́ ni ti ọ̀sán gangan, nígbà tí ènìyàn ti ìrìn àjò dé, tí ó da omi tútù sí gàrí, tí ó sì ti gbé abọ́ sẹ́nu kí ó tó jókòó. Kí orúkọ náà jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè sọ pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. N kò fẹ́ kí ó dún bí oyè, n kò fẹ́ kí ó dún bí oògùn, n kò sì fẹ́ kí ó dún bí ohun tí ó ń tọrọ àánú.”

Mo ṣàlàyé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un. Ti oògùn rọrùn: àpò oúnjẹ tí NAFDAC yóò fún ní nọ́ńbà kò gbọdọ̀ máa ṣèlérí ìwòsàn. Ti oyè àti ti àánú, nǹkan kan náà ni wọ́n jẹ́ lójú tèmi. Láàárín wa, bí ẹnìkan bá ní “gàrí ni mo mu sùn”, àìní ni ó ń sọ. Orúkọ tí ó ń tọrọ àánú fara mọ́ ìtìjú yẹn, orúkọ tí ó sì sá fún ìtìjú náà lọ sí ààfin fi hàn pé òun pẹ̀lú gbà pé gàrí jẹ́ ohun ìtìjú. Oníbàárà tí mo ń kọ nípa rẹ̀ kò tijú gàrí, ó ń pàrọwà fún aládùúgbò rẹ̀ pé kí ó wá tọ́ ọ wò.

Nígbà tí ó kan ààlà, òfin ni mo fi ṣáájú. Òfin àmì òwò Nàìjíríà, tí ó ti wà láti ọdún 1965, kò fẹ́ kí ẹnìkan gba orúkọ tí ó jẹ́ orúkọ ìlú lásán, tàbí ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ ìwà ọjà náà tààrà, kí ó sọ ọ́ di tirẹ̀ nìkan. Ó sì bọ́gbọ́n mu, torí pé gbogbo ẹni tí ó ń yan gàrí ní Ìjẹ̀bú ni ó ní ẹ̀tọ́ láti kọ “Ìjẹ̀bú” sí ara àpò rẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n sì lè kọ pé ó kan. Nítorí náà, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé “Ìjẹ̀bú”, “kíkan” àti “funfun” lè wà lára àpò gẹ́gẹ́ bí àlàyé, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́dọ̀ sí nínú orúkọ. Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn ni pé obìnrin kan tí a jọ ń ṣòwò ti forúkọ sílẹ̀ ní CAC, ó sì rò pé ó parí. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹlòmíràn ń fi orúkọ náà gan-an ta gàrí. Ìforúkọsílẹ̀ iléeṣẹ́ ni ti CAC. Orúkọ tí ó wà lára ọjà ní ibi tirẹ̀ ní Abuja, ní ilé ìforúkọsílẹ̀ àmì òwò, níbi tí wọ́n ti ń fi gàrí sí ìsọ̀rí 30, tí ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ sì ń wà fún ọdún 7 kí a tó tún un ṣe fún ọdún 14.

Ààlà kejì jẹ́ ti lẹ́tà àti ohùn. Mo ní kí orúkọ náà má ju sílébù mẹ́ta lọ, kí ó má ní ẹ, ọ tàbí ṣ, nítorí pé àwọn oníbàárà kì í rí wọn tẹ̀ lórí fóònù, kí ó má sì ní gb tàbí p, nítorí àwọn ọmọ tí wọ́n ń ka p bí àwọn Òyìnbó ṣe ń kà á. Mo rò pé mo ti dí gbogbo ihò. Orúkọ mẹ́fà ni ó fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, èyí tí mo sì fẹ́ràn jù ni “Àrò”, nítorí orí àrò ni a ti ń yan gàrí. Ó pé gbogbo ààlà tí mo kọ. Àfìgbà tí mo kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá láìfi àmì sí i: ARO. Ẹnìkan lè kà á sí aró tí a fi ń pa aṣọ láró, ẹlòmíràn lè kà á sí arọ, ní ìpínlẹ̀ Ògùn níhìn-ín sì rèé, Aro ní Abẹ́òkúta ni ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ wà, gbogbo ènìyàn ni ó sì mọ̀ ọ́n. Mo wá fi ààlà kan kún un tí ó yẹ kí ó ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: kí a kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan láìsí àmì, kí a sì kọ gbogbo ohun tí ó lè túmọ̀ sí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Èyí tí ó kù lẹ́yìn ìyẹn ni “Abùmu”, ohun tí a bù mu. Mo pe ènìyàn mẹ́wàá lórí fóònù, mo dárúkọ náà fún wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n gbọ́ kí wọ́n fi ránṣẹ́. Mẹ́rin kọ “Abumo”. Àbùmọ́! Nínú ọjà tí a ti ń bá ẹlẹ́gàrí jà nítorí ìdí kóńgò tí wọ́n tẹ̀ wọnú, kò sí bí mo ṣe lè gbé orúkọ tí ó jọ àsọdùn sára òṣùwọ̀n. Mo fẹ́ jù ú nù, dìsáínà ni ó sì gbà á là. Ó ní, “Mà, ṣé A tí ó ṣáájú yẹn wúlò?” Bí a ti yọ ọ́ kúrò, ó ku “Bùmu”. Ó kúrú, ọmọdé lè pè é, ìgbésẹ̀ ẹni tí ó gbé abọ́ sẹ́nu sì ni. Mo tún pe ènìyàn mẹ́wàá mìíràn. Mẹ́jọ kọ ọ́ bó ṣe yẹ, méjì kọ “Bumo”. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ṣì í gbọ́ sí “bù mọ́”, èènì ni ó gbọ́, kò sì sí oníbàárà Òkè-Àjẹ́ tí ìyẹn yóò bí nínú.

Àwọn àléébù kan wà. Ó fi ọjọ́ mẹ́sàn-án pẹ́ ju àdéhùn lọ. Irúfẹ́ lẹ́tà tí ó kọ́kọ́ yàn kò lè gbé àmì sórí lẹ́tà tí ó ní àmì ìsàlẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé nínú “Ìjẹ̀bú” tí ó wà nísàlẹ̀ àpò, àmì orí ẹ̀ ṣí lọ sórí b. Kò rí i títí mo fi tọ́ka sí i, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rí i kí a tó tẹ àpò 300. Ó pàrọ̀ rẹ̀ láìgba owó kún un. Ẹ má sì retí pé dìsáínà yóò bá yín wádìí orúkọ ní Abuja, owó agbẹjọ́rò ni mo fi ṣe ìyẹn lọ́tọ̀. Kò sí ẹni tí ó ti gba Bùmu ní ìsọ̀rí wa, a sì ti fi ìbéèrè ìforúkọsílẹ̀ wa sílẹ̀.

Èmi yóò tún gbé iṣẹ́ fún un. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ bá a ní oṣù tí ó kọjá nítorí orúkọ ilé ìránṣọ rẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta ni ó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ kí ó tó gba owó: ta ni yóò dárúkọ náà fún olùtajà, ìṣẹ́jú wo ni ẹ fẹ́ kí orúkọ náà mú wá sọ́kàn, àti kí ni kò gbọdọ̀ jọ.