Mútúà fọ́ọ̀ǹdù tí mo ní: ewu tó bá mi pín, àti èyí tó kù sí mi lọ́rùn

Mútúà fọ́ọ̀ǹdù tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ìpín ilé-iṣẹ́ nìkan ló ń rà. Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi tó láti rí ìgbà tó dára àti ìgbà tó burú. Ó gbà mí lọ́wọ́ ìṣubú ilé-iṣẹ́ kan, kò sì gbà mí lọ́wọ́ ìṣubú ọjà. Àwọn tó tà á fún mi sọ apá kìíní dáadáa. Apá kejì wà nínú ìwé àlàyé wọn, àmọ́ lẹ́tà tín-ín-tìn-tín ni wọ́n fi kọ ọ́.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Ọ̀pọ̀ èèyàn á da owó pọ̀ sínú àpò kan, máníjà á fi owó náà ra ìpín ilé-iṣẹ́ bí ogójì, wọ́n á sì pín gbogbo rẹ̀ sí ẹyọ-ẹyọ. Tí ọjà ìpín bá ti tú lójoojúmọ́, wọ́n á ṣírò iye tí gbogbo ohun tó wà nínú àpò náà tó, wọ́n á yọ gbèsè àti owó iṣẹ́ kúrò, wọ́n á wá fi iye ẹyọ tó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn pín in. Ohun tó bá jáde ni iye ẹyọ kan lọ́jọ́ náà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ní kí wọ́n bá òun tà lọ́sàn-án kò fi tíì mọ iye tí wọ́n máa san fún òun. Àwọn ìpín náà kì í sì í gbé lọ́wọ́ máníjà. Báńkì olùtọ́jú ló ń pa wọ́n mọ́ lọ́tọ̀, kí ẹni tí máníjà jẹ lówó má bàa rí wọn gbé. Èyí wù mí. Àmọ́ kì í ṣe owó ìfipamọ́ báńkì o: kò sẹ́ni tó ṣèlérí pé iye tí ẹ fi síbẹ̀ lẹ máa bá.

Ẹ jẹ́ ká lo nọ́ńbà tó rọrùn. Ká ní ẹyọ 1,000 lẹ ní, tí ẹyọ kan jẹ́ 100. Owó yín di 100,000. Ilé-iṣẹ́ kan wà nínú àpò náà tí máníjà fi ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún owó ra ìpín rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, àwọn ayẹ̀wé-owó-wò sọ pé èrè tí ilé-iṣẹ́ náà ń kéde kò sí níbì kankan, ìpín rẹ̀ sì pàdánù ìdá 90 nínú iye rẹ̀. Ìdá 90 nínú 4 jẹ́ 3.6, nítorí náà ẹyọ kan bọ́ láti 100 sí 96.40. Ó dùn mọ́ni? Rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tó kó 100,000 tirẹ̀ sórí ilé-iṣẹ́ yẹn nìkan, 10,000 ló kù fún un. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nínú tèmi. Ká ní n kò gbọ́ ìròyìn ni, mi ò bá rò pé ọjà kàn tutù díẹ̀ lọ́sẹ̀ náà ni.

Ìdí tí ìpínkiri, ìyẹn pípín owó sórí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni pé ohun tó bi ilé-iṣẹ́ náà wó, tirẹ̀ nìkan ni. Èrú nínú ìwé owó, iná tó jó ilé ìkẹ́rùsí, oníbàárà ńlá tó lọ: ìwọ̀nyí kì í kan ogójì ilé-iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, ẹni tó ń jèrè á sì máa dí ihò ẹni tó ń pàdánù. Ẹ kíyè sí i pé èrè ìpínkiri yìí tètè máa ń tán. Láti ilé-iṣẹ́ kan sí ogún, ìyàtọ̀ náà pọ̀ gan-an. Láti ogójì sí igba, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan kan mọ́, nítorí ohun tó kù nígbà náà ni ewu tí gbogbo wọn jọ ní.

Ewu àjọni yẹn ni mo wá rí nígbà tí báńkì àpapọ̀ gbé èlé sókè léraléra. Tí ayáni-lówó bá lè rí èlé gidi gbà láìfewu, kò ní fẹ́ sanwó ńlá mọ́ fún èrè tí ilé-iṣẹ́ ṣèlérí fún ọ̀la. Owó tí àwọn ilé-iṣẹ́ fúnra wọn yá sì ti wọ́n. Ká ní ìpín gbogbo wọn fi ìdá 25 wálẹ̀ lápapọ̀: 96.40 yẹn á di 72.30. Iye orúkọ tó wà nínú àpò kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ níbí. Máníjà pàápàá kò lè kó gbogbo owó sá, torí òfin àpò náà ní ìpín ni kó fi èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ rà. Kí 72.30 tó padà di 96.40, ìdá 25 kò ní tó. Ó gbọ́dọ̀ fi bí ìdá 33 gòkè.

Ibi tí mo ti bínú díẹ̀ nìyí: iye orúkọ tí wọ́n fi ń polówó kò sọ bí wọ́n ṣe pín owó sórí orúkọ náà. Nínú ìwé oṣooṣù tèmi, báńkì méje péré ló gba ìdá 35. Orúkọ méje ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó bá kan ọ̀kan lè kan gbogbo wọn. Tí báńkì bá fi ìdá 40 já, tí àwọn yòókù dúró sójú kan, àpò náà á pàdánù ìdá 14.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní kí ẹ ra fọ́ọ̀ǹdù kejì láti fi wo èyí sàn. Kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ gbé ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ilé-iṣẹ́ tó bá wà nínú méjèèjì, ẹ mú ìdá tó kéré nínú méjì náà: tó bá jẹ́ 5 níhìn-ín, 3 lọ́hùn-ún, ẹ kọ 3 sílẹ̀. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún mi jáde sí 62, ìyẹn ni pé ó ju ìlàjì lọ tó jẹ́ ohun kan náà tí mo ti ní. Mi ò rà á.

Ewu kan tún wà tí àpò fúnra rẹ̀ máa ń dá sílẹ̀. Tí àwọn èèyàn bá sáré jáde lẹ́ẹ̀kan náà, máníjà á kọ́kọ́ ta ohun tó rọrùn láti tà, èyí tí kò yá tà á sì kù sọ́rùn àwọn tó dúró. Ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, Third Avenue Focused Credit Fund, fọ́ọ̀ǹdù tó ń ra ìwé tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi yá owó, dá sísan owó padà dúró, torí ìwé gbèsè tó wà nínú rẹ̀ kò rí ẹni rà á ní iye gidi. Ìpín ilé-iṣẹ́ ńlá, tí wọ́n ń tà tí wọ́n ń rà lójoojúmọ́, ló wà nínú tèmi, nítorí náà owó máa ń dé láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa bi ẹni tó bá ń ta fọ́ọ̀ǹdù ìwé gbèsè ni báwo lọ̀rọ̀ yìí ṣe rí lọ́dọ̀ wọn.

Owó iṣẹ́ wọn jẹ́ ìdá 2 lọ́dún, wọ́n sì ń yọ ọ́ bí ọjà bá gòkè tàbí ó bá wálẹ̀. Ó ti wọ́n jù fún àpò tí ìṣesí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọjà lápapọ̀. Tí 100,000 bá ń fi ìdá 8 pọ̀ sí i lọ́dún, á sún mọ́ 216,000 lọ́dún mẹ́wàá. Tí owó iṣẹ́ bá yọ ìdá 2 kúrò nínú rẹ̀, tó ku ìdá 6, bí 179,000 ni. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un. Mi ò tíì tà á, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀ǹdù tó kàn ń tẹ̀ lé atọ́ka ọjà, ìyẹn òṣùwọ̀n bí ọjà lápapọ̀ ṣe ń lọ, ni owó tuntun mi ń lọ báyìí, torí ewu kan náà ló fi sílẹ̀ fún mi, owó iṣẹ́ rẹ̀ sì kéré gan-an. Owó tí mo máa nílò láàárín ọdún méjì kò sí nínú ìkankan.