Kọ́lọ́mù mẹ́ta fún yíyọ purotéènì: èwo ló yẹ kó o kọ́kọ́ náwó lé?

Kọ́lọ́mù ni ọ̀pá tí wọ́n ki wóró rẹ́sìnì sí, tí omi purotéènì ń gbà kọjá. Ohun tí kọ́lọ́mù kọ̀ọ̀kan ń wò lára purotéènì kò le láti mọ̀. Kọ́lọ́mù oníṣáàjì ń wo ṣáàjì tó wà lára rẹ̀, kọ́lọ́mù ìtóbi ń wo bó ṣe tóbi tó, kọ́lọ́mù afàmọ́ra sì ń wo ohun kan pàtó tí purotéènì náà máa ń dì mọ́. Èyí tí ìwé ìpolówó kì í pariwo ni iye omi tí kọ́lọ́mù lè gbà lẹ́ẹ̀kan. Ibẹ̀ lówó wa ti wọlẹ̀.

Ká fi láísósáìmù inú funfun ẹyin ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ́ńsáìmù kékeré ni, nǹkan bíi kílódáltọ̀n 14, ṣáàjì rẹ̀ sì jẹ́ pósítífù títí pH á fi sún mọ́ 11. Ofalibúmìnì ló pọ̀ jù nínú funfun ẹyin. Òun jẹ́ nǹkan bíi kílódáltọ̀n 45, ó sì ti di nẹ́gẹ́tífù kété tí pH bá ti kọjá 5. Ká ní o ti fi bọ́fà là á, o ti sẹ́ ẹ, ó wá ku mìlílítà 50.

Ti ìtóbi ni wọ́n kọ́kọ́ tà fún wa, èyí tó gba mìlílítà 120. Olùtajà ní kò sí purotéènì tí kò lè yà. Kò parọ́, bí ìtóbi wọn bá ṣáà ti jìnnà síra. Wóró rẹ́sìnì inú rẹ̀ kún fún ihò wínníwínní: purotéènì kékeré ń yà sínú ihò wọ̀nyí bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tó ń yà kiri ilé, èyí tó tóbi kò ráyè wọlé, òun ló sì ń kọ́kọ́ jáde. 14 àti 45 jìnnà síra tó. Àmọ́ bí o bá fẹ́ kí wọ́n yà dáadáa, ohun tí o máa dà sí i kò gbọ́dọ̀ ju ìdá díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún kọ́lọ́mù náà lọ. Ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún 120 jẹ́ mìlílítà 2.4. Ó di pé kí o pín 50 sọ́nà 21. Bí omi bá ń sàn ní mìlílítà kan ní ìṣẹ́jú kan, wákàtí méjì ni ìgbà kọ̀ọ̀kan: wákàtí 42, ká má tíì sọ ti fífọ̀. Bí o bá kánjú, tí o da 10 sí i lẹ́ẹ̀kan, òkè méjì tó ń fi purotéènì méjèèjì hàn lójú kọ̀ǹpútà, tó yẹ kó dá dúró, á wọnú ara wọn. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, purotéènì rẹ á tún là ju bó ṣe wọlé lọ.

Gbé mìlílítà 50 kan náà lọ sórí SP, kọ́lọ́mù oníṣáàjì kékeré tó jẹ́ mìlílítà 5 péré, ní pH 8. Nẹ́gẹ́tífù ni rẹ́sìnì SP, nítorí náà láísósáìmù á lẹ̀ mọ́ ọn, ofalibúmìnì á ṣàn kọjá. Ní mìlílítà 5 ní ìṣẹ́jú kan, gbogbo rẹ̀ ti wọlé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, máa gbé NaCl sókè díẹ̀díẹ̀ láti òdo lọ sí 1 M. Láísósáìmù á já bọ́ nínú omi díẹ̀, ó á sì ki. Ìyọnu rẹ̀ ni iyọ̀. Bí iyọ̀ bá ti pọ̀ nínú ohun tí o dà sí i, kò ní lẹ̀. Nítorí náà, bí o bá rí purotéènì rẹ nínú omi tó kọ́kọ́ ṣàn kọjá, iyọ̀ ni kó o kọ́kọ́ wò, kó o tó wo pH. Àfídìnì, purotéènì mìíràn nínú funfun ẹyin, náà jẹ́ pósítífù ní pH 8, ó sì lè bá a lẹ̀.

Kọ́lọ́mù afàmọ́ra oníníkẹ́ẹ̀lì kò wúlò fún láísósáìmù yìí, torí kò ní àmì lára. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé inú bakitéríà lo ti ń ṣe purotéènì tìrẹ, tí o fi hisitidíìnì mẹ́fà ṣe àmì sí ìdí rẹ̀, níkẹ́ẹ̀lì á dì í mú. Imidasóòlù 20 mM á fọ ìdọ̀tí kúrò, 250 mM á já a bọ́. Jìnnà sí EDTA, kẹ́míkà tó ń já níkẹ́ẹ̀lì gbà: bí kọ́lọ́mù aláwọ̀ búlúù náà bá di funfun, níkẹ́ẹ̀lì ti lọ nìyẹn.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní àyè tirẹ̀. Ẹni tí purotéènì rẹ̀ ní àmì, kó ra oníníkẹ́ẹ̀lì. Ẹni tí kò ní, tàbí tí yóò máa yí purotéènì padà, SP kékeré kan àti Q kékeré kan, ìyẹn kọ́lọ́mù oníṣáàjì fún àwọn tó jẹ́ nẹ́gẹ́tífù, ni kó kọ́kọ́ rà. Ti ìtóbi lè dúró di ìgbà tí omi rẹ bá ti ku mìlílítà méjì, tí àfídìnì nìkan ló kù láti lé jáde. Kó o tó sanwó, tọrọ rẹ́sìnì díẹ̀, pò ó mọ́ purotéènì rẹ nínú túùbù mẹ́ta mẹ́rin, kí pH wọn yàtọ̀ síra, kó o sì wo inú omi òkè bóyá purotéènì ṣì wà níbẹ̀.