Ráùtà 4G mi tó ti ń darúgbó: mo tún un ṣe, mi ò tíì gba 5G tí wọ́n fi ń lọ̀ wá

Ráùtà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, àwọn funfun tó máa ń dúró gbọọrọ yẹn ni, tí wọ́n ń ki síìmù bọ̀ nídìí. 4G ni, ọwọ́ kọ́ńpìnnì tó ń ta dátà fún wa n'Ìbàdàn níbí la ti rà á, ó sì ti pẹ́ gan-an nílé. Mi ò ní ẹ̀sùn kankan sí i tẹ́lẹ̀, àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kú fúnra ẹ̀ lálẹ́, gbogbo iná ojú ẹ̀ á kú pátá lẹ́ẹ̀kan náà, á tún tàn, á wá máa wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì látìbẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ ojú ọ̀sán tí èmi nìkan wà nílé, kò ní ṣe nǹkan kan o. Ó di ìgbà táwọn ọmọ bá dé, tí tẹlifíṣọ̀n ń fa fídíò, tí fóònù gbogbo èèyàn wà lórí wáìfáì, ìgbà yẹn ni wàhálà máa ń dé.

Mo pe kọ́ńpìnnì. Ọmọbìnrin tó gbé e ní "ẹ má bínú sà, ráùtà yín ti gbó, ẹ wá gba ti 5G, a máa dín owó ẹ̀ kù fún yín". Ó lè jẹ́ òótọ́ ló ń sọ, ó sì lè jẹ́ ọjà ló ń tà, àmọ́ kò béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo nípa ohun tó ń ṣe ráùtà kó tó sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ná.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kéèyàn mọ̀ ni bóyá ráùtà ló ń ṣàìsàn àbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìta, torí tí fídíò bá ti dúró, àwọn méjèèjì ò ṣeé dá mọ̀ lójú lásán. Mo ṣí ojú dúdú `cmd` méjì sórí lápútọ́ọ̀pù, mo kọ ìlà kọ̀ọ̀kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ lọ:

```
ping -t 192.168.8.1
ping -t 8.8.8.8
```

Nọ́ńbà ti òkè ni ti ráùtà mi, tiyín lè yàtọ̀, ẹ wo sítíkà ìdí ẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ wà níta lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Tí ti òkè bá ń dáhùn geere àmọ́ tí ti ìsàlẹ̀ ń já, wáìfáì inú ilé ò lẹ́bi, ẹ yẹ síìmù wò, ẹ yẹ dátà wò, ẹ wo ibi tí ráùtà dúró sí, tàbí kó jẹ́ òpó wọn ló kún lálẹ́. Tó bá jẹ́ ti òkè gan-an ló ń sọ "Request timed out", inú ilé yín nìṣòro wà. Temi, àwọn méjèèjì ló jọ ń kú pọ̀, àkókò tí iná ojú ráùtà kú yẹn gẹ́lẹ́, ìyẹn ló jẹ́ kí n fura sí iná tó ń wọ̀ ọ́.

Mo gbé òun àti àdápítà ẹ̀ lọ sí Kuíìn Sínímà. Ọmọkùnrin tó ń tún nǹkan ṣe níbẹ̀ fi mítà sẹ́nu àdápítà, ó gbé 12.2 fóólù jáde, àdápítà fóólù 12 sì ni. Ẹlòmíì á ti ní àdápítà dáa, káwọn máa tú ráùtà. Èyí ò sọ bẹ́ẹ̀ o. Ó ṣí ráùtà, ó tàn án, ó fi ẹnu mítà sí ẹ̀yìn ihò tí àdápítà ń wọ̀, ó ní "ẹ̀gbọ́n, ẹ fi fóònù yín fa nǹkan ńlá kan". Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa fídíò, òun náà fa tiẹ̀. Bá a ṣe ń wò ó, ó bọ́ sí 11, ó bọ́ sí 10, bó ṣe kan 9 báyìí, ráùtà kú fin-ín. Ó ní "ẹ rí i, ebi ló ń pa á".

Ó la àdápítà, kápásítọ̀ kan wà níbẹ̀ tí orí ẹ̀ ti wú bí búrẹ́dì. Òun ló yẹ kó máa mú iná dúró ṣinṣin, àmọ́ ooru ti gbẹ omi inú ẹ̀, bí Nẹ́pà sì ṣe máa ń gbé iná lọ sókè sódò nílé wa, kò lè pẹ́. Tí ráùtà ò bá ṣiṣẹ́ púpọ̀, iná tó kù yẹn ń tó o, tí gbogbo ilé bá ti gùn ún, kò tó mọ́.

Èèyàn lè pààrọ̀ kápásítọ̀ nìkan. Èmi ra àdápítà tuntun, torí àwọn yòókù inú ẹ̀ náà ti jẹ ooru kan náà, owó ẹ̀ ò sì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ráùtà. Ẹ rí i pé fóólù ẹ̀ bá ti àtijọ́ mu gẹ́lẹ́, ánpíà ẹ̀ ò gbọdọ̀ kéré sí ti àtijọ́ (kó pọ̀ jù ú lọ ò ṣe nǹkan kan, ìwọ̀n tí ráùtà bá nílò ló máa fà), kí àmì tó ń fi pọ́sítíìfù àárín hàn náà bára mu. Àwọn kan wà lọ́jà tí wọ́n kọ 2A sí lára, ẹ gbé e báyìí, ó fúyẹ́ bíi pé kò sí nǹkan nínú ẹ̀, ẹ má rà á. Àtìgbà tí mo ti pààrọ̀ ẹ̀, kò kú mọ́.

Àmọ́ àtúnṣe ò sọ ọ́ di ọmọdé o. Yàrá ẹ̀yìn ò fi bẹ́ẹ̀ rí wáìfáì, torí 2.4 GHz nìkan ló ní, gbogbo ráùtà àwọn aládùúgbò sì wà lórí ẹ̀ náà. Mo wọ ojú ìwé ẹ̀, mo tẹ ibi tí wọ́n kọ "Update" sí, kò sí nǹkan tuntun, ti ọdún àtijọ́ ló ṣì wà níbẹ̀. Ìyẹn ni pé tí ihò ààbò bá yọjú, kò sẹ́ni tó máa dí i. Èyí gan-an ni mo kà sí ọjọ́ ogbó, kì í ṣe kíkú tó ń kú. Tó bá sì jẹ́ pé kò rí síìmù mọ́, tí síìmù yẹn sì ń ṣiṣẹ́ nínú fóònù, tí ẹni tó ń tún un ṣe wá ní òun máa fi ooru jó bọ́ọ̀dù, ẹ gbé e lọ sílé, ẹ ra òmíì. Irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́.

Ti 5G wá ńkọ́? Ọdún 2022 ni wọ́n ti ń tà á ní Nàìjíríà, orí 3.5 GHz ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbé e sí, ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ lè la ògiri kọjá. Mo yá fóònù 5G àbúrò mi, mo ki síìmù kọ́ńpìnnì kan náà sí i, mo ra dátà ọjọ́ kan, mo wò ó láàárọ̀, mo tún wò ó lálẹ́. Lẹ́bàá fèrèsé iwájú, ó fò fíà. Ní pálọ̀ tí ráùtà máa ń dúró sí, ó padà sí 4G. Tí mo bá gbà á, àfi kí n gbé e sójú fèrèsé kí n wá wá ọ̀nà tí wáìfáì máa fi dé ẹ̀yìn. Síìmù tiwọn nìkan ló sì máa gbà, mo bi wọ́n, àdápítà ẹ̀ náà tóbi ju tèmi lọ, bátìrì kékeré tí mo fi ń gbé ráùtà nígbà tí kò bá síná ò lè gbé e dalẹ́.

Àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀n ń fi mí ṣẹ̀sín, ó ní ráùtà tòun ò dùn òun rárá, tó bá bàjẹ́ wọ́n á fi òmíì ránṣẹ́, torí ti kọ́ńpìnnì ni, tóun bá fi wọ́n sílẹ̀ òun máa dá a padà. Níbi tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀. Tiwa tá a fi owó ara wa rà ni mo ń sọ.

Àdápítà, mo fún un ní ìràwọ̀ 5. Ráùtà fúnra ẹ̀, 3, torí yàrá ẹ̀yìn àti ti "Update" yẹn. Èyí tí màá rà tó bá yá ni 4G tó ní 2.4 àti 5 GHz, tó ń gba síìmù èyíkéyìí, àyàfi tí 5G bá ti dé pálọ̀ wa kí n tó kówó ẹ̀ jọ.