Píìnì ráídà tó ṣáko: àgbéyẹ̀wò mi lórí lókéṣàn tó ń rìn lórí WhatsApp

Kéèkì ni mo ń ṣe tà nítòsí Ẹnúwá, n'Ilé-Ifẹ̀. Inú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ọjà mi ń lọ, àwọn ráídà dìsípáàṣì ló sì ń bá mi gbé e. Ó ti pẹ́ tí mo ti sọ ọ́ di dandan pé kí ráídà tó gbéra, kó kọ́kọ́ fi lókéṣàn tó ń rìn ránṣẹ́ sí èmi àti oníbàárà lórí WhatsApp. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Kò gba owó kankan lẹ́yìn dátà, oníbàárà á sì mọ ìgbà tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀ wá gba ọjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí píìnì, ìyẹn àmì tó ń fi ibi tí ráídà wà hàn lójú máàpù, bá ṣáko, wàhálà rẹ̀ lè ju ti ẹni tí kò ní píìnì rárá lọ, torí pé ojú máàpù ni kálukú á gbàgbọ́, wọn ò ní gba ọ̀rọ̀ ẹnu ráídà gbọ́ mọ́.

Ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ mọ̀ ni pé oríṣi àìsàn méjì ló ń ṣe píìnì, oògùn wọn kò sì papọ̀. Píìnì kan wà tó dákú: ibi tí ráídà ti kọjá tipẹ́ ló ṣì ń fi hàn. Òmíràn wà tó ń fò káàkiri: ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, àmọ́ ibi tó ń tọ́ka sí kì í ṣe òótọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, kéèkì ọjọ́ìbí ń lọ sí Mọremí Họ́ọ̀lù. Ọmọbìnrin tó ni ín pè mí, ohùn rẹ̀ ti le díẹ̀: “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ráídà yín ò kúrò ní Lágere láti ìgbà yìí wá o. Ṣé ọ̀kadà ẹ̀ ló bà jẹ́ ni?” Mo ṣí máàpù. Lóòótọ́, Lágere ni àwòrán ráídà wà, kò mì rárá. Mo wá wo ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, níbi tí wọ́n máa ń kọ ìgbà tí lókéṣàn wọlé kẹ́yìn sí. Ìṣẹ́jú 11 ti kọjá. Ọ̀rọ̀ ti yé mi nìyẹn: píìnì ti dákú. Nígbà tí mo pe ráídà, ó ní, “Mo ti wà lẹ́nu géètì Mọremí, Àǹtí, mi ò kàn rí ẹni tó máa gbà á ni.” Fóònù rẹ̀ wà nínú àpò, ojú rẹ̀ ti ṣú, bátìrì ti lọ sílẹ̀, ó sì ti tan `Battery Saver`. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Áńdíróìdì, bí èyí bá ti wà ní títàn tí ojú fóònù sì ṣú, fóònù kò ní wá lókéṣàn mọ́ títí wọ́n á fi tún un tàn.

Irú èyí kò béèrè pé kí ráídà kúrò níbi tó wà. Kó pa `Battery Saver`, kó tan ojú fóònù, kó ṣí WhatsApp fún ìgbà díẹ̀, píìnì á fò bọ́ síbi tó yẹ. Bó bá ṣe pé dátà ló já, kó tan ipò ọkọ̀ òfuurufú kó sì tún pa á, kí fóònù lè wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì lákọ̀tun. Kó má bàa tún ṣẹlẹ̀, kó wọ inú ètò fóònù, níbi tí WhatsApp wà, kó fọwọ́ sí `Allow all the time` fún lókéṣàn. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ìkànnì náà bá wà lójú fóònù nìkan ló gbà á láyè, píìnì lè máa dákú ní gbogbo ìgbà tó bá ti fi fóònù sápò.

Ti píìnì tó ń fò yàtọ̀. Àkókò tí wọ́n kọ síbẹ̀ á jẹ́ ti ìsinsìnyí, ráídà á sì dúró gbagidi, síbẹ̀ ẹ óò rí i tí àwòrán rẹ̀ ń gba orí òrùlé kọjá sí àdúgbò kejì, tí á tún padà. Àmì tí fóònù ń gbà láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì ojú ọ̀run ló fà á. Níta gbangba tí ojú ọ̀run ṣí, fóònù sábà máa ń mọ ibi tó wà dé bíi mítà 5. Lábẹ́ páànù, tàbí láàárín ilé alájà gíga, àmì sátẹ́láìtì á kọ́kọ́ kọlu ògiri kó tó dé ọ̀dọ̀ fóònù. Ọ̀nà rẹ̀ á wá gùn ju bó ṣe yẹ lọ, fóònù á sì ṣi ìṣirò ṣe.

Ohun tí mo máa ń sọ fún ráídà nígbà náà ni pé kó ṣí Google Maps lórí fóònù tirẹ̀. Á rí àmì búlúù kan, àti òbìrí búlúù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tó yí i ká. Bí òbìrí yẹn bá fẹ̀, fóònù fúnra rẹ̀ ń jẹ́wọ́ pé òun kò dá ibẹ̀ mọ̀ dáadáa. Kó kúrò lábẹ́ òrùlé, kó yọ fóònù lápò, kó dúró ní gbangba títí òbìrí náà á fi sún kì. Kì í pẹ́. Kò sì nílò kó pa lókéṣàn tó ti fi ránṣẹ́, á tún ara rẹ̀ ṣe.

Bí òbìrí náà bá kọ̀ tí kò sún kì ní gbangba, ètò fóònù ni kí ẹ yẹ̀ wò. Láti Áńdíróìdì 12 ni `Use precise location` ti wà. Lórí áífóònù, `Precise Location` ni. Bó bá wà ní pípa, agbègbè nìkan ni fóònù máa fún WhatsApp, agbègbè náà sì lè tó kìlómítà mẹ́ta níbùú-lóròó.

Ọ̀kan tó máa ń dẹ́rù bani ni kí píìnì ṣàdédé bọ́ sí Ìbàdàn nígbà tí ráídà wà n'Ífẹ̀. Fóònù a máa fi orúkọ Wáì-fáì tó wà láyìíká mọ ibi tó wà, torí pé àkọsílẹ̀ ibi tí Wáì-fáì kọ̀ọ̀kan wà ti wà nípamọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé ẹ̀rọ Wáì-fáì wá sí họ́sítẹ́ẹ̀lì láti ilé wọn n'Íbàdàn, àkọsílẹ̀ àtijọ́ lè má tíì yí padà. Kí ráídà pa Wáì-fáì, kó pa `Wi-Fi scanning` náà nínú ètò lókéṣàn, kó sì jáde sí gbangba.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, mi ò gbà kí oníbàárà fi píìnì tó ń rìn ṣe ibi ìpàdé mọ́. Ìgbà tí ráídà máa dé ló wà fún. Fún ẹnu géètì, oníbàárà ló máa fi píìnì tí kì í rìn ránṣẹ́. Bó bá fẹ́ fi `Send your current location` ránṣẹ́, kó wo iye mítà tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ná. Bó bá ju 20 lọ, kó jáde síta kó dúró títí iye náà á fi wálẹ̀. Èyí tó dára jù lójú mi ni kó ṣí Google Maps, kó gbé e sí àwòrán sátẹ́láìtì, kó tẹ orí géètì gan-an mọ́lẹ̀ títí píìnì pupa á fi yọ, kó sì fi ìyẹn ránṣẹ́. Ọwọ́ ló fi gbé píìnì yẹn kalẹ̀, kò sí ògiri tó lè sún un. Kó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: “Géètì Mọremí, lápá ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí.”

Bí ráídà bá fẹ́ fi lókéṣàn tó ń rìn ránṣẹ́, wákàtí kan ni mo máa ń ní kó yàn, torí ìṣẹ́jú 15 lè parí nígbà tó ṣì wà lójú ọ̀nà, 8 wákàtí sì ń jẹ bátìrì láìnídìí. Mo fún lókéṣàn tó ń rìn yìí ní 4 nínú 5. Mo yọ ọ̀kan torí pé àkókò tí lókéṣàn wọlé kẹ́yìn, tó jẹ́ ohun tí oníbàárà nílò jù, kéré lójú máàpù débi pé àwọn tó pọ̀ kì í rí i.