Ètò ìdókòwò oṣooṣù tí mò ń lò: oṣù kan tí mo fò ló bà á jẹ́

Ẹ̀yin olówó oṣù bíi tèmi, ẹ wá gbọ́ bí ètò "ra á lóṣooṣù" inú áàpù tí mò ń lò ṣe rí. Dọ́là-kọ́ọ̀sì áfẹ́réèjì lorúkọ ẹ̀, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dẹ́rù bà yín, owó yòówù kẹ́ ẹ máa ná ló ń bá ṣe. Iye kan náà lẹ ó máa fi ra fọ́ńdù kan náà lóṣooṣù, ó wọ́n o, kò wọ́n o.

12,000 ni mo ní kí wọ́n máa yọ, lọ́jọ́ kejì tí sálárì bá wọlé (ọjọ́ tó ṣáájú ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fi sí, owó ò sí nílẹ̀, bánkì ò rí nǹkan yọ). Oṣù kìíní, yúnìtì kan jẹ́ 100, mo rí 120. Oṣù kejì ó já sí 80, mo rí 150. Oṣù kẹta ó di 60, àyà mi là gààràgà, mo ní ẹ jẹ́ n wò ó ná, mo bá dá a dúró. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹrin ó ti fò dé 120, mo padà wọlé, yúnìtì 100 péré.

Ká ní mi ò fọwọ́ kàn án, 60 yẹn ìbá fún mi ní 200, gbogbo ẹ̀ á jẹ́ 570 lórí 48,000, bíi 84 fún yúnìtì kan, bẹ́ẹ̀ sì rèé tẹ́ ẹ bá ro iye oṣù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ tẹ́ ẹ pín in sí mẹ́rin, 90 ni. Owó kan náà ló máa ń ra púpọ̀ tí ọjà bá rẹlẹ̀, táá ra díẹ̀ tó bá ga, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí èyí tó wọ́n pọ̀ lọ́wọ́ yín. Èmi tí mo sá, 370 ni mo ní lórí 36,000, ó lé ní 97 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan! Oṣù tí mo fò gan-an ni oṣù tó yẹ kí ètò náà ti ṣe mí lóore.

Kò ní kẹ́ ẹ má pàdánù o. Ẹni tí ò sá, lóṣù kẹta, yúnìtì 470 ẹ̀ ò ju 28,200 lọ, 36,000 ló sì ti kó síbẹ̀. Tí iye náà bá jókòó sí 60 fún ọdún púpọ̀, àdánù ni. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè lò ó fún ṣíà ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, ilé-iṣẹ́ lè wó kó má dìde mọ́, fọ́ńdù tó kó ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ pọ̀ ni mo ń rà.

Ohun tó ń bí mi nínú ni owó iṣẹ́ wọn, 300 lórí ríra kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ń fi 12,000 rà ti pàdánù 2.5% kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń fi 3,000 rà, 10% nìyẹn! Mo ti yí tèmi sí oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, 36,000 lẹ́ẹ̀kan náà, 300 yẹn ò wá tó 1% mọ́. Ìràwọ̀ mẹ́ta ni mo fún áàpù náà.