Robocopy àti Task Scheduler fún bákọ́ọ̀pù alaalẹ́ sórí dráífù kejì: bó ṣe rí lọ́wọ́ mi

Fọ́tò ni mò ń yà ní Ìbàdàn, ìgbéyàwó, ìkómọjáde, òkú àgbà, gbogbo ẹ̀, gbogbo fọ́tò àwọn kọ́sítọ́mà mi àti àkáǹtì iṣẹ́ sì wà nínú fódà kan ṣoṣo lórí láptọ́ọ̀pù, C:\Ise. Alaalẹ́ ni fódà yẹn ń kọ́pì ara ẹ̀ lọ sórí hádì dráífù kejì tó wà lórí tábìlì, mi ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Robocopy ló ń ṣe é, ó ti wà nínú Wíńdóòsì látìgbà Vista, ẹ ò ní ra nǹkan, ẹ ò ní dáńlóòdù nǹkan, Task Scheduler tó ń jí i dìde laago mẹ́sàn-án alẹ́ náà ti wà níbẹ̀. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an ni. Àmọ́ bí wọ́n ṣe sẹ́ẹ̀tì ẹ̀ láti ilé wá ò bá bí àwa ṣe ń lo láptọ́ọ̀pù mu rárá, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ sọ jù.

Ẹ kọ́kọ́ fún dráífù kejì yẹn ní lẹ́tà tí ò ní máa yí padà, torí tí fláàṣì bá ṣáájú ẹ̀ wọlé, Wíńdóòsì lè gbé lẹ́tà tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ fún fláàṣì. Ẹ ṣí `diskmgmt.msc`, ẹ kílíìkì ọ̀tún lórí dráífù ọ̀hún, ẹ mú Change Drive Letter and Paths, kí ẹ fún un ní Z. Lẹ́yìn náà ẹ dá fáìlì kékeré kan sórí ẹ̀, ẹ pè é ní BAKOPU.txt, kò pọn dandan kí nǹkan kan wà nínú ẹ̀, àmì ìdánimọ̀ lásán ni. Wàyí o, ẹ dá fódà C:\Bakopu, ẹ kọ èyí sínú Notepad, kí ẹ séèfù ẹ̀ síbẹ̀ ní bakopu.bat:

```
@echo off
if not exist "Z:\BAKOPU.txt" exit 20
robocopy "C:\Ise" "Z:\Ise" /E /XJ /R:2 /W:5 /NP /UNILOG+:"C:\Bakopu\log.txt"
```

Ìlà kejì yẹn ló ń wò ó bóyá dráífù tó tọ́ ló wà níbẹ̀, tí kò bá rí àmì, á jáde, kò ní kọ nǹkan kan sórí fláàṣì onífláàṣì. /R:2 àti /W:5, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má yọ wọ́n, torí tẹ́ ò bá fi síbẹ̀, fáìlì kan tí robocopy ò bá rí kà, ẹ̀ẹ̀mílíọ̀nù kan ló máa gbìyànjú ẹ̀, á sì máa dúró ní ìṣẹ́jú àáyá 30 láàárín ìgbà kan sí èkejì, ẹ ò rí i pé kò ní parí láéláé. Ẹ tún má fi àmì \ parí orúkọ fódà kí ẹ tó ti kóòtù, ó máa ń da gbogbo ìlà yẹn rú.

Àwọn kan á ní kí ẹ lo /MIR dípò /E. Èmi ò gbà fún wọn. /MIR máa ń jẹ́ kí dráífù kejì rí gẹ́lẹ́ bíi ti àkọ́kọ́, tó túmọ̀ sí pé tí ọmọ iṣẹ́ bá dìlíìtì fódà ìyàwó kan lọ́sàn-án, alẹ́ ọjọ́ náà ni robocopy á dìlíìtì ẹ̀ lórí Z pẹ̀lú. /E kì í pa nǹkan rẹ́, ó kàn ń fi kún un ni. Dráífù á kún, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ máa fọwọ́ ara yín ro ó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kọ orúkọ fódà pẹ̀lú àmì ohùn, bíi Ìgbéyàwó Adéọlá, ẹ fọkàn balẹ̀, robocopy ń kọ́pì wọn dáadáa, /UNILOG+ yẹn ló sì ń jẹ́ kí orúkọ wọn jáde bó ṣe yẹ nínú lọ́ọ̀gì. Ṣùgbọ́n orúkọ tẹ́ ẹ bá kọ sínú .bat fúnra ẹ̀, ẹ kọ ọ́ láìní àmì, ìdí nìyẹn tí tèmi fi jẹ́ Ise lásán.

Ó ku Task Scheduler. Ẹ ṣí `taskschd.msc`, ẹ mú Create Task, kì í ṣe Create Basic Task. Ní Triggers ẹ yan Daily, aago 9 alẹ́, ní Actions ẹ tọ́ka sí bakopu.bat. Ní General ẹ mú Run whether user is logged on or not, ó máa béèrè páásíwọ́ọ̀dù, páásíwọ́ọ̀dù gangan o, kì í ṣe PIN. Ibi tọ́rọ̀ wà ni Conditions. Wọ́n ti máàkì Start the task only if the computer is on AC power sílẹ̀, wọ́n sì tún máàkì Stop if the computer switches to battery power sábẹ́ ẹ̀. Ìyẹn ni pé tí NEPA bá múná lọ ní aago mẹ́sàn-án ku díẹ̀, bákọ́ọ̀pù ò ní bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n bá mú un lọ nígbà tó ń ṣe é lọ́wọ́, á dá a dúró sí àárín ọ̀nà. Ẹ yọ máàkì méjèèjì, ti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Ní Settings, ẹ máàkì Run task as soon as possible after a scheduled start is missed, pé tí láptọ́ọ̀pù bá wà ní pípa laago mẹ́sàn-án, kó ṣe é nígbà tẹ́ ẹ bá tàn án.

Alẹ́ àkọ́kọ́ ló máa ń pẹ́. Ká ní fọ́tò ìgbéyàwó kan jẹ́ gíìgì 36, tí ojú USB 2 lẹ ki dráífù sí, tó ń lọ ní nǹkan bíi MB 35 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó máa gba bí ìṣẹ́jú 17, lójú USB 3 tó ń sá tó MB 100, bí ìṣẹ́jú mẹ́fà ni. Lọ́jọ́ kejì, fáìlì tí títóbi ẹ̀ tàbí aago ẹ̀ bá yí padà nìkan ló ń kọ́pì, ó máa ń yá.

Ohun tó ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn ni Last Run Result. Tẹ́ ẹ bá rí 0x1 níbẹ̀, nǹkan ò bàjẹ́ o, robocopy ń sọ pé òun kọ́pì nǹkan tuntun ni. 0x0, kò sí nǹkan tuntun. 0x2 àti 0x3, fáìlì wà lórí Z tí ò sí lórí C mọ́, bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń rí tẹ́ ẹ bá lo /E. 0x8 títí dé 0xF ni kẹ́ ẹ dìde fún, fáìlì kan wà tí ò lọ, 0x10 burú jùyẹn lọ. Tiwa tá a kọ síbẹ̀, 20 yẹn, á jáde ní 0x14, ìyẹn ni pé kò rí dráífù. Tó bá wà láàárín 0x8 sí 0xF, ẹ lọ sísàlẹ̀ lọ́ọ̀gì, ẹ wo ìlà Files lábẹ́ FAILED, kí ẹ wá ERROR 32 lókè, èyí tó máa ń tọ́ka sí fáìlì tí ètò míì ṣí sílẹ̀, .pst ti Outlook ló máa ń fa irú ẹ̀ jù. Ẹ pa Outlook kí aago mẹ́sàn-án tó lù.

Àbùkù ẹ̀ tó ká mi lára jù ni pé kò mọ àná yàtọ̀ sí òní. Tí ẹnì kan bá kọ nǹkan burúkú sínú àkáǹtì lónìí tó sì séèfù ẹ̀, ẹ̀dà burúkú yẹn ló máa gorí èyí tó dáa lálẹ́. Fọ́tò ò ní wàhálà yẹn torí a kì í yí ojúlówó padà, àmọ́ fún àkáǹtì mo fi fódà ẹ̀ kún Libraries, torí File History kì í wo C:\Ise fúnra ẹ̀, mo wá tan File History, tó wà nínú Wíńdóòsì bákan náà, ó ń tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́ ní wákàtí wákàtí sórí Z kan náà. Ààrá tàbí olè ṣì lè kó láptọ́ọ̀pù àti Z lọ pọ̀, nítorí náà lóṣooṣù mo máa ń kọ́pì Z sórí dráífù kẹta tó wà nílé ẹ̀gbọ́n mi ní Ọ̀yọ́.